Ibi Tí Òǹwòran Dúró Sí Ni Ká Fi Ṣírò Fọ́tò Bánà

Bí ẹnì kan bá lọ tẹ bánà ní Ṣómólú, wọn á bi í pé ẹsẹ̀ bàtà mélòó ló fẹ́. Ìbéèrè tó yẹ kó tẹ̀ lé e ni pé, ẹni tó máa sún mọ́ bánà náà jù lọ, ibo ló máa dúró sí? Ìdáhùn rẹ̀ ló máa sọ bóyá fọ́tò tó mú wá tó iṣẹ́ tàbí kò tó.

Tóótòòtó àwọ̀ tí a tò ti ara wọn ni fọ́tò orí fóònù. Píkísẹ́lì ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí a bá fẹ fọ́tò náà kó lè kún bánà, wọn kì í pọ̀ sí i, ńṣe ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń tóbi. Tí wọ́n bá tóbi débi tí ojú fi rí wọn, etí àwòrán á di wángunwàngun, tàbí kí gbogbo rẹ̀ rí bàìbàì.

Àmọ́ agbára ojú ní ààlà. Ẹni tí ojú rẹ̀ dá ṣáká, tó dúró ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, kò lè ya tóótó méjì sọ́tọ̀ bí àlàfo wọn kò bá tó nǹkan bíi mìlímítà kan. Bó bá sún mọ́ ọn dé ẹsẹ̀ bàtà kan, ó lè rí ìdá mẹ́wàá ìyẹn. Ìdí nìyẹn tí ìwé tí a ń kà lọ́wọ́ fi nílò nǹkan bíi 300 píkísẹ́lì nínú íǹṣì kọ̀ọ̀kan. Bánà kì í ṣe ohun tí a ń gbé lé itan kà. Nítorí náà, iye ẹsẹ̀ bàtà tó wà láàárín òǹwòran àti bánà ni kí ẹ fi pín 300. Ohun tó bá jáde ni iye píkísẹ́lì tí íǹṣì kan nílò.

Ká sọ pé bánà ìsìnkú Màmá ni, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ní ìbú, márùn-ún ní gíga, tí wọ́n fẹ́ so mọ́ géètì, tí àwọn èèyàn á máa gba ibi tó jìnnà sí i ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá kọjá. 300 pín sí ọ̀nà 10 jẹ́ 30. Íǹṣì 120 ni ìbú bánà náà, 60 ni gíga rẹ̀, torí náà 3,600 píkísẹ́lì ní ìbú àti 1,800 ní gíga ti tó. Ẹni tó bá ní dandan 300 ni òun fẹ́ lò á nílò 36,000 lórí 18,000. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ á máa falẹ̀, ẹni tó ń kọjá kò sì ní rí ìyàtọ̀ kankan.

Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ gan-an ni fọ́tò Màmá fúnra rẹ̀. Bí àwòrán rẹ̀ yóò bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lórí bánà, íǹṣì 48 nìyẹn, ó sì nílò 1,440 píkísẹ́lì láti orí dé ìsàlẹ̀. Màmá nìkan ni à ń kà o, a ò ka ògiri àti àga tó yí i ká. Fọ́tò tí fóònù yà lóòró, tó ga ní 4,000 píkísẹ́lì, tí Màmá sì gba ìdajì gíga rẹ̀, ní 2,000 fún un. Ó tó, ó ṣẹ́ kù. Àmọ́ tí wọ́n bá fi fọ́tò yẹn kan náà ránṣẹ́ lórí Wáásáàpù bí a ti ń fi fọ́tò ránṣẹ́ lójoojúmọ́, ó sábà máa ń sọ ọ́ di nǹkan bí 1,600. Màmá ti di 800 nìyẹn. 800 pín sí ọ̀nà 48 kò ju 17 lọ nínú íǹṣì kan, àfi kéèyàn dúró ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjìdínlógún kó tó dán mọ́rán. Ẹ ní kí ẹni tó ní fọ́tò náà fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi fáìlì, kì í ṣe bíi fọ́tò. Kò ní í dín kù.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi 720 tàbí 1,440 tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tù yín nínú. Ìkán yíǹkì tí ẹ̀rọ ń sọ sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rọ kì í dá ojú Màmá tí kò sí nínú fọ́tò ṣe. Orúkọ àti déètì ní tiwọn kò ní ìṣòro, bí dìsáínà bá fi wọ́n sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà nínú CorelDRAW, tí kò sọ wọ́n di fọ́tò. Bí a bá fẹ wọ́n, etí wọn kì í bàjẹ́.

Ẹ lè dán an wò kí yíǹkì tó kan aṣọ. Bí ó bá jẹ́ pé láti ojú Màmá dé àgbọ̀n rẹ̀ máa jẹ́ íǹṣì mẹ́fà lórí bánà, ẹ fẹ fọ́tò náà lórí kọ̀ǹpútà títí rúlà á fi sọ pé íǹṣì mẹ́fà ni. Kí ẹ wá fà sẹ́yìn dé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá kí ẹ sì wò ó. Bí ó bá ṣì rí bàìbàì, tí kò sì sí fọ́tò mìíràn, ẹ dín gíga Màmá kù sí ẹsẹ̀ bàtà méjì lé díẹ̀: 800 pín sí ọ̀nà 30 fi díẹ̀ lé ní íǹṣì 26 àti ààbọ̀. Kí ẹ fi àyè tó ṣẹ́ kù kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà.