Ímeèlì Tó Ń Dá Fáìlì Padà fún Àtúnṣe

Ká ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan gbé fọ́ọ̀mù 1,200 ọmọ ẹgbẹ́ fún iléeṣẹ́ kan láti tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Fáìlì CSV dé. Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ fi Excel ṣí i, nọ́ńbà fóònù tó yẹ kó jẹ́ díjíìtì 11 ti di 10, orúkọ Adé ti di AdÃ©, ọjọ́ ìbí àwọn kan kò sì bá fọ́ọ̀mù wọn mu.

Kó tó kọ lẹ́tà, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ ibi tí àṣìṣe ti wá. Iye lásán ni Excel sábà máa ń ka nọ́ńbà fóònù sí, á sì gé òdo iwájú rẹ̀ dànù. Ó tún lè ka fáìlì UTF-8 bí ẹni pé ìlànà àtijọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́, kí àmì ohùn wá dàrú. Nítorí náà, fáìlì gan-an bó ṣe dé, tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi Excel tọ́jú, ni kí ó fi Notepad ṣí. Bí òdo àti Adé bá pé níbẹ̀, iléeṣẹ́ náà kò jẹ̀bi ìyẹn.

Ti ọjọ́ ìbí ló le jù. Akọ̀wé mú fọ́ọ̀mù 30 wé fáìlì náà. Gbogbo ẹni tí wọ́n bí láti ọjọ́ 13 sókè tọ̀nà, ṣùgbọ́n ọjọ́ àti oṣù ti gba ipò ara wọn fún àwọn tó kù: ọjọ́ 5 oṣù kẹta ti di ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún. Èyí fi hàn pé kọ̀ǹpútà kan ti ka ọjọ́ náà bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń kọ ọ́, oṣù ṣáájú. Òdo tó já bọ́ ṣeé dá padà nílé, nítorí gbogbo nọ́ńbà náà ló ń fi òdo bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tó yí kò rí bẹ́ẹ̀, torí pé méjèèjì ló jọ òótọ́. Fọ́ọ̀mù nìkan ló lè jẹ́rìí. Òun gan-an ni ímeèlì náà máa dá lé:

“Ẹ kú iṣẹ́, sà. Nínú fáìlì omo_egbe_v1.csv tí ẹ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ àti oṣù ti yí padà nínú ọjọ́ ìbí àwọn kan. Nínú fọ́ọ̀mù 30 tí a yẹ̀ wò, 11 ni kò bá fáìlì mu. Àpẹẹrẹ ni ọmọ ẹgbẹ́ nọ́ńbà 0417: fáìlì ní 1984-05-03, fọ́ọ̀mù ní 1984-03-05. Nọ́ńbà mẹ́wàá tó kù wà nísàlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbogbo fáìlì náà ṣe láti inú fọ́ọ̀mù, kì í ṣe 11 yìí nìkan, kí ẹ kọ ọjọ́ bíi 1984-03-05, kí ẹ sì pe tuntun náà ní v2. Ọjọ́ Ẹtì la fẹ́ lò ó.”

Nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ ló dára láti tọ́ka sí, kì í ṣe nọ́ńbà ìlà, torí pé ìlà máa ń ṣípò bí ẹnì kan bá ti tún àwọn orúkọ tò. Kò tún ní sí ìdí láti kó orúkọ àti fóònù ẹlòmíì sínú lẹ́tà. Nígbà tí v2 bá dé, akọ̀wé á tún yẹ 11 náà wò, á sì fi fọ́ọ̀mù 30 mìíràn kún un, nítorí àtúnṣe náà lè yí ọjọ́ tó tọ̀nà tẹ́lẹ̀ padà.