Ta Ló Fọwọ́ sí Ìwé-Ẹ̀rí ISO Yẹn?

Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń gbé ìwé-ẹ̀rí ayédèrú kiri ti tún gbòde, ohun tí ọ̀pọ̀ ń sọ ni pé kí ISO tètè gba ìwé rẹ̀ padà lọ́wọ́ wọn. ISO kò ní ìwé kankan tó fẹ́ gbà. Àjọ yìí, tó fi ìlú Jẹ̀nífà ṣe ibùjókòó, kì í fún ilé-iṣẹ́ ní ìwé-ẹ̀rí. Ìlànà ló ń kọ. ISO 9001, fún àpẹẹrẹ, sọ bó ṣe yẹ kí ilé-iṣẹ́ ṣètò iṣẹ́ rẹ̀. Ìwé tó bá sọ pé ISO fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí òun, irọ́ ló ń pa.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ayẹ̀wò ló ń fúnni ní ìwé náà. Àjọ mìíràn sì wà tó ń yẹ àwọn náà wò: UKAS ní Bírítéènì, NiNAS ní Nàìjíríà.

Ká ní oníṣòwò kan fẹ́ máa ra omi inú ike, ilé-iṣẹ́ náà sì fi ìwé-ẹ̀rí ISO 9001 hàn án. Kó má pe nọ́ńbà fóònù tó wà lára ìwé náà o, torí ẹni tó lè ya òǹtẹ̀ lè tẹ nọ́ńbà ọ̀rẹ́ rẹ̀ síbẹ̀. Kó fọwọ́ ara rẹ̀ wá ìkànnì àjọ tó ń yẹ àwọn ilé-iṣẹ́ ayẹ̀wò wò, kó wò ó bóyá orúkọ ilé-iṣẹ́ ayẹ̀wò náà wà níbẹ̀, àti bóyá wọ́n gbà á láyè lórí ISO 9001 gan-an. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kó wá fi nọ́ńbà ìwé náà ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ayẹ̀wò, kó bi wọ́n bóyá ó ṣì múlẹ̀. Ọdún 3 ni ìwé náà sábà máa ń lò, ṣùgbọ́n wọ́n lè fagi lé e kó tó pé, kó ṣì wà lára ògiri. Ìkànnì iafcertsearch.org náà wúlò, àmọ́ bí orúkọ ilé-iṣẹ́ náà kò bá sí níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni ní olè.

Ìlà kan wà tí ojú kì í tó: èyí tó sọ iṣẹ́ àti àdírẹ́sì tí ìwé náà kàn. Ó lè jẹ́ ọ́fíìsì ìtajà ní Ìkẹjà nìkan ni wọ́n yẹ̀ wò, nígbà tó jẹ́ Ìbàdàn ni wọ́n ti ń rọ omi sínú ike. Ìwé ojúlówó ni, ṣùgbọ́n kò kan omi yẹn.

Ojúlówó náà ní ibi tó mọ. TÜV Rheinland ti Jámánì ló fọwọ́ sí ètò iṣẹ́ PIP, ilé-iṣẹ́ Faransé tó ń ṣe ọmú àtọwọ́dá. Ní 2010 ni àṣírí tú pé sílíkónì tí kì í ṣe ti ìṣègùn ni wọ́n ń rọ sínú rẹ̀. Àwọn olùyẹ̀wò máa ń kéde kí wọ́n tó dé, PIP á sì ti kó ẹrù òfin náà pa mọ́. Lójú tèmi, ìbéèrè kan ló kù fún oníṣòwò wa láti bi ilé-iṣẹ́ ayẹ̀wò: ṣé ẹ ti já lù wọ́n láìsọ tẹ́lẹ̀ rí?