Bí A Ṣe Ń Fi Oòrùn Kún Fótò Láìjẹ́ Kó Jọ Ayédèrú

Ẹni tó bá ń fi Photoshop ṣiṣẹ́ mọ̀ pé fífi oòrùn kún fótò kò le. Ohun tó le ni kí ojú ẹni tó ń wò ó má fura. Kí ó má baà fura, ẹ mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti ń wá. Inú lẹ́ńsì ni àwọn róbótó aláwọ̀ mèremère ti ń wá. Inú afẹ́fẹ́ tó ní eruku tàbí èéfín ni ìtànṣán oòrùn ti ń hàn. Kámẹ́rà onífíìmù tí ìdérí rẹ̀ kò pa dé dáadáa ni ìmọ́lẹ̀ sì máa ń jò wọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú fótò ìyàwó kan tó wé gèlè, tí wọ́n yà ní ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn ń bọ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ṣí ìpele tuntun lórí fótò náà, ẹ kùn ún ní dúdú, ẹ sọ ọ́ di Smart Object kí ẹ lè tún un ṣe bó bá yá. Ẹ lọ sí Filter > Render > Lens Flare, lẹ́yìn náà kí ẹ yí ìpele yìí sí Screen.

Nínú Screen, dúdú kò lágbára kankan. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Lórí òṣùwọ̀n 0 sí 255, bí ìmọ́lẹ̀ 50 bá bọ́ sórí ibi tó jẹ́ 100, ibẹ̀ yóò di 130. Bó bá bọ́ sórí ibi tó jẹ́ 240, kò ní ju 243 lọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń hàn ketekete lára gèlè dúdú, tí kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lójú ọ̀run tó ti funfun. Bí gbogbo fótò bá ṣú bí ìgbà tí ọyẹ́ bá dé, dúdú ìpele yẹn kò dúdú tó. Ẹ fi Levels sọ ọ́ di dúdú pátápátá.

Ẹ gbé orísun ìmọ́lẹ̀ náà sí ibi tí oòrùn wà gan-an. Àwọn róbótó tó tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ tò lórí ìlà tó gba àárín fótò kọjá. Bí wọ́n bá gun ojú ìyàwó, ẹ má pa wọ́n rẹ́, nítorí inú lẹ́ńsì ni wọ́n wà, wọn kò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ìtànṣán ni ẹ lè fi Layer Mask bò níbi tí ara ìyàwó ti dí i, bí èéfín náà bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní ti ìmọ́lẹ̀ tó jò, etí fótò ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀, kó pọ́n bí ọsàn, kò sì ní í ṣe pẹ̀lú ibi tí oòrùn wà. Lẹ́yìn èyí, ẹ dín Opacity kù títí ojú ìyàwó yóò fi jẹ́ ohun tí èèyàn kọ́kọ́ rí.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo òjìji. Bí òjìji ìyàwó bá ṣubú sẹ́yìn rẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ kedere, ẹ̀yìn ayàwòrán ni oòrùn wà. Irú fótò bẹ́ẹ̀ kò gba oòrùn àfikún. Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.