Bí A Ṣe Ń Kọ Òótọ́ Nípa Ọ̀gá Láìfi Ara Ẹni Hàn

Ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá, lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, wọ́n máa ń fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ pé kó sọ bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe ń darí iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ á fún ọ̀gá ní máàkì tó ga jù, wọ́n á kọ “ọ̀gá mi dáa” sí ìsàlẹ̀, ó parí. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ọ̀gá yìí kan náà ló ń buwọ́ lu ìsinmi wọn, òun náà ló ń sọ ẹni tí ìgbéga tọ́ sí.

Ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wádìí ni ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa gbà dé ọwọ́ ọ̀gá. Bí líǹkì tó wà nínú ímeèlì rẹ bá jẹ́ tìrẹ nìkan, àwọn tó ń bójú tó fọ́ọ̀mù náà lè mọ̀ pé ìwọ lo kọ ọ́. Ìlérí wọn kò ju pé àwọn ò ní sọ fún ọ̀gá. Béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka òṣìṣẹ́ iye èèyàn tó gbọ́dọ̀ dáhùn kí ọ̀gá tó rí èsì. Mẹ́ta tàbí márùn-ún ni ọ̀pọ̀ ibi ń lò. Béèrè pẹ̀lú bóyá ohun tí ẹ bá fọwọ́ kọ máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ibẹ̀ ni àṣírí ti sábà máa ń tú, torí wọ́n á da máàkì gbogbo yín pọ̀, ṣùgbọ́n gbólóhùn rẹ á dá dúró bí o ṣe kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ adójútòfò ní Èkó, tí a ó pè ní Àìná. Àwọn mẹ́fà ló wà lábẹ́ ọ̀gá kan. Ohun tó kọ́kọ́ kọ nìyí: “Lóṣù kẹta, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsinmi ìbímọ dé, ọ̀gá yí ìjábọ̀ tí mo ti parí padà nírọ̀lẹ́ Jímọ̀, ó tún bú mi níwájú gbogbo èèyàn. Kò bìkítà fún ẹnikẹ́ni.”

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ló ti ìsinmi ìbímọ dé. Àbùkù ti gbólóhùn ìkẹyìn yàtọ̀: ìwà ló ń dá lẹ́jọ́, ọ̀gá sì lè fi gbogbo ọjọ́ jiyàn pé òun bìkítà. Nínú ìwádìí tí Gúgù bẹ̀rẹ̀ ní 2008 lórí ohun tó ń mú ọ̀gá dáa, ohun tí òṣìṣẹ́ lè fojú rí ni wọ́n tẹ̀ lé, bíi bóyá ọ̀gá máa ń tojú bọ gbogbo kúlẹ̀kúlẹ̀ iṣẹ́ ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Àìná tún un kọ báyìí: “Lẹ́yìn tí a bá ti fẹnu kò lórí iṣẹ́, ó sábà máa ń yí i padà nígbà tí ọ̀sẹ̀ bá ń parí lọ. À ń tún un ṣe ní Sátidé, àṣìṣe sì ń wọ inú ìwé tó ń lọ sọ́dọ̀ oníbàárà. Ì bá dáa kí àyípadà máa dé kó tó di Ọjọ́rú. Bí a bá sì ṣàṣìṣe, kó bá wa sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀.”

Ohun tí ọ̀gá ń ṣe ṣì wà níbẹ̀, bó ṣe ń ṣe é lemọ́lemọ́, ohun tó ń bàjẹ́ àti ohun tí wọ́n fẹ́. Ọjọ́ àti ìbímọ ló yọ kúrò. Ọ̀rọ̀ náà kò ta bíi ti àkọ́kọ́ mọ́, ìyẹn dùn mí, ṣùgbọ́n láàárín èèyàn mẹ́fà, mo gbà pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ó wúlò kìkì nítorí pé ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn yòókù. Bó bá jẹ́ Àìná nìkan ni, kò sí bó ṣe lè tún un kọ tí ọ̀gá ò ní mọ̀. Kó má fi sínú fọ́ọ̀mù, kó kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka òṣìṣẹ́ lórúkọ ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni olè jíjà tàbí fífi ìbálòpọ̀ dààmú èèyàn: fọ́ọ̀mù tó lè jẹ́ pé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n máa kà á kọ́ ló yẹ wọ́n.

Ohùn náà ń túni fó. Ẹni tí gbogbo ọ́fíìsì mọ̀ mọ ẹsẹ Bíbélì tàbí àdàpè ọ̀rọ̀ kan, kó yọ ọ́. Ohun tó bá ti sọ síta ní ìpàdé, kó má fi ẹnu kan náà kọ ọ́.

Ẹ̀san kì í sábà wá bíi lẹ́tà ìdádúró. Wọ́n lè ṣíwọ́ pípè ọ́ sí ìpàdé, wọ́n lè kọ ìsinmi rẹ, máàkì rẹ lè já wálẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ rẹ kò yí padà. Nítorí náà, kí fọ́ọ̀mù tó ṣí, fi ẹ̀dà àyẹ̀wò iṣẹ́ rẹ tó kẹ́yìn àti lẹ́tà ìyìn tí wọ́n bá ti kọ sí ọ pa mọ́ sílé. Láti ìgbà náà, máa kọ déètì àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Bí o bá ní láti fẹjọ́ sùn láìní wọn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ lásán ni wọ́n máa gbé ka iwájú pẹ̀lú àkọsílẹ̀ tí ọ̀gá fọwọ́ sí.