Fọ́tò Ilé Tó Mọ́lẹ̀, Tí Kò sì Parọ́

Ẹni tó ń wá ilé láyé ìsinsìnyí, orí fóònù ló ti máa ń kọ́kọ́ wò ó. Bí fọ́tò bá ṣókùnkùn, á fò ó kọjá. Bí fọ́tò bá sì fi yàrá han lọ́nà tó ju bó ṣe rí lọ, á sanwó ìyẹ̀wò fún ajẹ́ńtì, á wọkọ̀ wá, á wá bá yàrá tó jẹ́ pé bẹ́ẹ̀dì nìkan ló gbà. Ohun tó bá sọ sí ajẹ́ńtì lọ́jọ́ náà kò ṣeé kọ síbí.

Ẹ jẹ́ ká mú fúláàtì oníyàrá méjì kan ní Akóbọ̀, n'Íbàdàn. Fèrèsé pálọ̀ rẹ̀ kọjú sí ìlà-oòrùn, ilé ìdáná sì wà lẹ́yìn, níhà ìwọ̀-oòrùn. Onílé dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó kọ kámẹ́rà sí fèrèsé, ó tẹ̀ ẹ́. Fèrèsé jáde ní funfun báláú, àwọn àga ò sì hàn dáadáa. Fóònù náà ò bàjẹ́ o. Ìmọ́lẹ̀ ìta ló pọ̀ gan-an ju ti inú ilé lọ. Bí méjèèjì bá pàdé nínú fọ́tò kan, kámẹ́rà á ṣe ti ìta, á sì fi inú ilé sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Kí onílé lọ sí igun tí fèrèsé á ti wà lẹ́yìn rẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pálọ̀ kan náà á mọ́lẹ̀. Bí kò bá sí irú igun bẹ́ẹ̀, kó tẹ ìka mọ́ ibi tó ṣókùnkùn lójú fóònù, kó dì í mú títí `AE/AF LOCK` á fi hàn lórí iPhone, kó wá rọra fa àmì oòrùn sókè díẹ̀. Kó má fà á jù, nítorí ògiri tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí á di funfun pátápátá, irọ́ sì ti wọ̀ ọ́ nìyẹn.

Àkókò náà ṣe pàtàkì. Oòrùn tó bá ń wọlé tààrà máa ń pín ilẹ̀ sí ibi dúdú àti ibi funfun. Nítorí náà, pálọ̀ yìí dára lẹ́yìn ọ̀sán, nígbà tí oòrùn ti kúrò lójú fèrèsé. Ilé ìdáná ní tirẹ̀ dára láàárọ̀. Kí wọ́n ká kọ́tìnì, kí wọ́n nu eruku ara nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, kí wọ́n sì pa gílóòbù. Àwọn kan ní kí a tan gbogbo iná, èmi ò gbà: gílóòbù pupa pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ ojú ọjọ́ máa ń sọ ògiri kan di bí ìyeyè, èkejì á sì máa ṣe bí aró.

Bọ́tìnì 0.5 ni àwọn ajẹ́ńtì fẹ́ràn jù, òun náà ló sì ń dá ìjà sílẹ̀. Ó máa ń fa yàrá gùn. Ẹ wo etí fọ́tò náà: bí abọ́ tàbí fáànù bá gùn dípò kó rí roboto, a ti fà á nìyẹn. Ẹ lo 1, kí ẹ sún mọ́ ògiri, kí ẹ gbé fóònù sí ìwọ̀n àyà láìdà á síwájú tàbí sẹ́yìn, kí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn lè dúró gbọnrangandan. Bí balùwẹ̀ bá kéré débi pé 1 ò gbà á, ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ yà á bẹ́ẹ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ tí ẹ bá yà, bíi 10 sí 12 ti tó. Fọ́tò àkọ́kọ́ ló ń pe èèyàn, ó sì máa ń hàn ní kékeré. Iwájú ilé Akóbọ̀ yìí kọjú sí ògiri aládùúgbò, nítorí náà pálọ̀ ni kó ṣíwájú. Lẹ́yìn náà, ẹ tò ó bí àlejò ṣe ń rìn: géètì, ẹnu ọ̀nà, pálọ̀ láti igun kejì, ilé ìdáná, yàrá ńlá, yàrá kékeré, balùwẹ̀. Ẹ má fo yàrá kankan, torí èyí tí ẹ bá fò ni wọ́n á fura sí. Kànga, mítà iná àti ojú ọ̀nà ni kó kẹ́yìn. Ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń wá ilé fún ìyá rẹ̀ máa ń wo ìwọ̀nyí ju táìsì lọ. Bí òjò bá ti ba àjà yàrá kan jẹ́, ẹ tún un ṣe, tàbí kí ẹ jẹ́ kó hàn. Ẹ má fi fọ́tò sáré gé e kúrò.

Ẹ kọ ìwọ̀n yàrá sábẹ́ fọ́tò rẹ̀, bíi ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 10. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí ajẹ́ńtì lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ ní `Document`, torí bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, WhatsApp á fún un pọ̀, kò sì ní mọ́ bí ẹ ṣe yà á mọ́.