Ìlà Tó Ń Sọ̀ Kalẹ̀: Ọjọ́ Wo Ni Iṣẹ́ Yóò Parí?

Àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà máa ń ya àwòrán kan sára ògiri: iye iṣẹ́ tó kù wà lápá òsì, ọjọ́ sì tò sí ìsàlẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ṣe ń parí, bẹ́ẹ̀ ni ìlà á máa sọ̀ kalẹ̀ títí yóò fi kan òdo.

Ká ní póìǹtì 120 ló kù. Ní ìpele mẹ́rin tó kọjá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, ẹgbẹ́ náà parí 18, 24, 15 àti 23. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 80. Bí a bá pín in sí mẹ́rin, 20 ni ìyára wọn. Ìpele mẹ́fà ló kù nìyẹn, ọ̀sẹ̀ 12. Ṣùgbọ́n èmi kì í fún oníbàárà ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá ń ṣe 15, yóò gba ọ̀sẹ̀ 16. Bí wọ́n bá ń ṣe 24, ọ̀sẹ̀ 10. Àárín méjèèjì ni mo máa ń sọ fún un.

Ẹ ṣọ́ra fún ìlà tó lọ gbọọrọ láìsọ̀ kalẹ̀. Ó lè má jẹ́ pé ẹgbẹ́ ń ṣọ̀lẹ: wọ́n parí 20, oníbàárà sì fi 20 mìíràn kún un. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ya ìlà kejì fún àpapọ̀ iṣẹ́, kí gbogbo wa lè rí ọjọ́ tó ga sí i.