Ọ̀sẹ̀ Méjì Ṣáájú Iṣẹ́ Abẹ: Aáyù, Gínkò àti Ọ̀rọ̀ náà "Oògùn"

"Ṣé ẹ ń lo oògùn kankan?" Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ nìyẹn. Ẹ̀yin tí a jọ jókòó ní kíláàsì ìmọ̀ ìtumọ̀ ti mọ ibi tí ìṣòro wà: ohun tí nọ́ọ̀sì fẹ́ mọ̀ fẹ̀ ju ohun tí ọ̀rọ̀ náà "oògùn" ń gbé wá sọ́kàn ẹni tó jókòó sí ilé ìwòsàn. Níbẹ̀, oògùn ni ohun tí dókítà kọ síwèé. Àgbo ní orúkọ tirẹ̀, àgúnmu ní tirẹ̀. Aáyù àti ata ilẹ̀ tí a lọ̀ mu láàárọ̀, èlò ọbẹ̀ ni wọ́n. Kápúsù tí ẹ̀gbọ́n ẹni fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, "fítámì" ni a ń pè é. Ẹni tó ń lo gbogbo wọn lè dáhùn pé "Rárá o," kó má sì parọ́.

Ìdáhùn yẹn sì lè mú ẹ̀jẹ̀ lọ. Bí abẹ bá kan ara, àwọn èérún kéékèèké kan nínú ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ń pè ní pílétílẹ́ẹ̀tì, ló máa ń kọ́kọ́ sáré dé ojú ọgbẹ́. Wọ́n á lẹ̀ mọ́ ara wọn, wọ́n á sì dí ihò náà kí ẹ̀jẹ̀ tó dì dáadáa. Àwọn ewé àti egbò kan wà tí kì í jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn bó ṣe yẹ. Lára àwọn tí àwọn dókítà máa ń dárúkọ jù ni aáyù, gínkò àti jínsẹ́ńgì. Wọ́n tún máa ń ṣọ́ra fún ata ilẹ̀ àti ata ilẹ̀ pupa bí ènìyàn bá ń lo èyí tó pọ̀.

Aáyù ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí òun ló wọ́pọ̀ jù nínú ilé wa. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ajóìnì. Bí èròjà yìí bá ti mú pílétílẹ́ẹ̀tì kan, kò ní tú u sílẹ̀ mọ́. Pílétílẹ́ẹ̀tì kò sì lè tún ara rẹ̀ ṣe; bó ṣe bàjẹ́ yẹn náà ni yóò ṣe wà títí yóò fi kú, lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ méje sí mẹ́wàá. Ìdí nìyẹn tí kò fi tó láti ṣíwọ́ aáyù ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ. A ní láti dúró kí ara pèsè tuntun, ìdá kan nínú mẹ́wàá ni ó sì ń pààrọ̀ lójúmọ́.

Ní ọdún 1990, àwọn dókítà kan kọ̀wé nípa bàbá ẹni ọdún 87 kan tó ń jẹ nǹkan bí ẹyọ aáyù mẹ́rin lójúmọ́. Ẹnikẹ́ni kò ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kò sì ṣubú. Ẹ̀jẹ̀ kàn ya lójijì sínú ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, ó tẹ iṣan tó wà níbẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rọ. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, àwọn pílétílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ.

Ẹ kíyè sí i pé ṣíṣiṣẹ́ wọn ló níṣòro. Àyẹ̀wò tí wọ́n sábà máa ń ṣe ṣáájú iṣẹ́ abẹ ń ka iye pílétílẹ́ẹ̀tì ni, kì í sọ bóyá wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara wọn. Èsì lè dára pátápátá nígbà tí wàhálà ṣì wà nílẹ̀. Àmì tí ènìyàn lè fojú ara rẹ̀ rí ni kí ara máa dúdú níbi tí nǹkan kàn rọra gbá, kí imú tàbí èrìgì máa ṣẹ̀jẹ̀, tàbí kí nǹkan oṣù pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí kò bá sí àmì kankan, ìyẹn kò sọ pé kò séwu.

Àwọn dókítà kan ní Yunifásítì Ṣìkágò kó ọ̀rọ̀ yìí jọ sínú ìwé ìròyìn JAMA ní ọdún 2001. Wọ́n ní kí ènìyàn ṣíwọ́ aáyù ó kéré tán ọjọ́ méje ṣáájú iṣẹ́ abẹ, jínsẹ́ńgì ọjọ́ méje, gínkò wákàtí 36. Ti gínkò kéré nítorí pé ara tètè máa ń lé e jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ dókítà tó ń kunni lóorun ń sọ pé ká fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí pé ohun tó wà nínú ike kì í fìgbà gbogbo bá ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ mu. Àgbo tiwa kò tilẹ̀ ní àkọlé rárá.

Ẹ jẹ́ ká fi àbúrò màmá mi ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n fẹ́ yọ fáíbírọ́ìdì fún un, iṣẹ́ abẹ tí ẹ̀jẹ̀ lè lọ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 20 oṣù, ni wọ́n dá fún un. Mo bi í léèrè pé, "Àǹtí, kí lẹ máa ń mu láàárọ̀?" Ó ní, "Kò sí nǹkan kan o, àfi aáyù àti ata ilẹ̀ tí mo lọ̀ pọ̀ mọ́ ọsàn wẹ́wẹ́." Mo tún béèrè fítámì, ó sì mú ike gínkò jáde, èyí tó ní ó wà fún ọpọlọ.

A ka ọjọ́ sẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ 20 ni Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 6. Bó bá ṣíwọ́ ní ọjọ́ yẹn, gínkò á ti kúrò lára kí ọjọ́ 8 tó parí. Ní ọjọ́ 13, nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá pílétílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á ti di tuntun. Tó bá fi máa di Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 16, gbogbo wọn á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pààrọ̀ tán. Ó bi mí pé, "Ọbẹ̀ ńkọ́? Ṣé kí n má fi aáyù sọ́bẹ̀ mọ́ ni?" Ìwọ̀nba aáyù tí a sè nínú ọbẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń bá wí; tútù tí a ń lọ̀ mu lójoojúmọ́ àti kápúsù ni. Àǹtí mi kó ike àti èròjà àgbo náà lọ han dókítà, wọ́n sì kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀.

Ohun méjì ló yẹ ká ṣọ́ra fún. Èkíní, ẹ̀rí nípa àwọn ewé yìí kò lágbára bákan náà. Èyí tó pọ̀ jù wá láti ara aláìsàn kọ̀ọ̀kan àti yàrá àyẹ̀wò, ìwádìí tó fi ọ̀pọ̀ ènìyàn lo gínkò kò sì fi hàn gbangba pé ó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i. Àmọ́ ẹni tó fi gínkò sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kò pàdánù nǹkan kan. Èkejì, ọ̀rọ̀ yìí kò kan asipirínì, wafarínì tàbí oògùn mìíràn tí dókítà kọ fún ènìyàn. Ẹni tó bá dá wọn dúró fúnra rẹ̀ lè ní rọpárọsẹ̀ tàbí àrùn ọkàn kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé. Dókítà ló máa sọ ọjọ́ tiwọn.

Bó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ pàjáwìrì, tí kò sí ọ̀sẹ̀ méjì láti dúró, kí ènìyàn ṣáà sọ ohun tó mu àti ìgbà tó mu ún gbẹ̀yìn. Wọ́n lè pèsè ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì lè tún ro ó wò bóyá abẹ́rẹ́ inú ọ̀pá ẹ̀yìn ló yẹ kí wọ́n fi pa ìrora. Ẹni tó bá sì ń tẹ̀ lé òbí tàbí ẹ̀gbọ́n lọ sílé ìwòsàn, kó má fi ìbéèrè mọ sórí oògùn. Kó béèrè àgbo lọ́tọ̀, àgúnmu lọ́tọ̀, tíì lọ́tọ̀, fítámì lọ́tọ̀, àti ohun tí wọ́n ń lọ̀ mu láàárọ̀.